Ìwé Ìwọ̀n Ọdún Mẹ́fà: Bí Ẹ Ṣe Máa Gbé Àbá Rẹ̀ Síwájú Pírínsípà

Ẹ̀yin olùkọ́ eré ìdárayá ní ilé-ìwé girama tí ẹ fẹ́ máa wọn àwọn ọmọ láti JSS 1 títí wọn yóò fi jáde ní SS 3, ẹ̀yin ni orí yìí ń bá wí. Ẹ ò lè dá a ṣe lẹ́yìn pírínsípà, nítorí náà ìwé àbá lẹ máa kọ́kọ́ kọ. Àmọ́ ẹni tí kò tíì wọn ọmọ kankan rí, àbá rẹ̀ kì í lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Bí pírínsípà bá bi í ní ìbéèrè kan péré, ọ̀rọ̀ á pèsì jẹ. Ìdí nìyí tí a ó fi kọ́kọ́ lọ sórí pápá kí a tó mú bíírò.

Ní ilé-ìwé púpọ̀, èsì ìdíje láàárín háùsì nìkan ni àkọsílẹ̀ tó wà nípa agbára ọmọ: ta ló gba ipò kìíní, ta ló tẹ̀lé e. Ipò kì í sọ bóyá ọmọ sáré ju ti èṣí lọ. Ọmọ lè gba ipò kìíní lọ́dún méjì léra, kó sì jẹ́ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wúwo sí i ní ọdún kejì. Àwọn tó bá a sá ni wọn ò dáa tó. Ohun tí ẹ fẹ́ ni ìwé tí ọmọ yóò ti máa bá ara rẹ̀ ti èṣí dọ́gba, kì í ṣe ìwé tí yóò máa bá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ díje. Ẹ jẹ́ kí èyí wà lọ́kàn yín, nítorí òun ni yóò sọ irú ohun tí ẹ máa wọn àti bí ẹ ṣe máa wọ̀n ọ́n.

Ohun èlò

- Téèpù gígùn kan, mítà 30 tàbí 50, irú èyí tí àwọn bíríkìlà fi ń wọn ilẹ̀. Ẹ má lo ti télọ̀. Téèpù télọ̀ kì í ju sẹ̀ǹtímítà 150 lọ, ẹ ó gbé e sílẹ̀ nígbà ogún kí ẹ tó wọn mítà 30, ó sì máa ń fà bó bá pẹ́.
- Aago eré sísá méjì. Ti orí fóònù náà ṣeé lò, bí ó bá ṣe pé fóònù kan náà lẹ ó máa lò ní ọjọ́ yẹn látìbẹ̀rẹ̀ dópin, tí ẹ sì ti pa ìpè.
- Ṣọ́ọ̀kì, sẹ́lótéèpù fífẹ̀, àti ike omi mẹ́rin tí ẹ rọ iyanrìn sí, kí ó dúró fún kóònù.
- Pátákó pẹlẹbẹ kékeré tí etí rẹ̀ gún régé, fún wíwọn gíga.
- Aṣọ pupa kan, bí ìnujú ńlá.
- Ìwé ńlá ẹlẹ́yìn líle kan àti bíírò. Pẹ́ńsùlù kò dáa, ó ṣeé pa rẹ́.
- Omi mímu, àti àpótí ìtọ́jú tí ẹ ti ṣí wò pé nǹkan wà nínú rẹ̀.

Ẹ óò rí i pé òṣùwọ̀n ìwúwo kò sí níbẹ̀. Mo mọ̀ọ́mọ̀ yọ ọ́ ni. Ọjọ́ tí wọ́n bá gbé ọmọbìnrin ọdún méjìlá sórí òṣùwọ̀n lójú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ó ti gba orúkọ ìnagijẹ tí yóò lò dé SS 3 nìyẹn, nọ́ńbà náà kò sì ní sọ ohun tí ẹ ń wá fún yín.

Ohun mẹ́ta péré ni kí ẹ wọ̀n: gíga, fífò síwájú láti orí ìdúró, àti eré mítà 30. Eré gígùn wà níbẹ̀ náà, pàápàá eré ìṣẹ́jú mẹ́fà yíká pápá tí ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fà ní mítà 30 sí 20, tí ìyípo kan jẹ́ mítà 100 gééré. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ di ọdún kejì. Òun ni ẹ̀rù rẹ̀ ń ba pírínsípà jù, òun náà ni ewu wà nínú rẹ̀ jù, kò sì yẹ kí ẹ torí ẹ̀ pàdánù àwọn tó kù.

Ìgbésẹ̀ kìíní: gíga

Ẹ wá ògiri tó gún, tí ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ tẹ́jú, kì í ṣe èyí tó ní etí símẹ́ńtì nísàlẹ̀. Ẹ lẹ téèpù mọ́ ọn, kí òdo rẹ̀ kan ilẹ̀. Ọmọ yóò bọ́ bàtà àti ìbọ̀sẹ̀, yóò kó gìgísẹ̀ méjèèjì mọ́ ògiri, yóò wo iwájú gan-an. Ẹ gbé pátákó lé e lórí, kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ògiri pẹrẹsẹ, kí ẹ ka nọ́ńbà tó wà ní abẹ́ rẹ̀.

Irun ni yóò ṣì yín lọ́nà. Ní ilé-ìwé tí wọ́n ti ń yan irun fún àwọn ọmọbìnrin lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, bí ẹ bá wọ̀n wọ́n lọ́sẹ̀ ṣùkú, gbogbo wọn á ti ga sí i, bí ó bá sì di pàtẹ́wọ́ lọ́dún tó ń bọ̀, wọ́n á ti kúrú. Ẹ wá ọ̀sẹ̀ tí irun wọn lẹ̀ mọ́ orí. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ jẹ́ kí pátákó wọ àárín irun títí yóò fi kan awọ orí. Àárọ̀ sì ni kí ẹ wọ̀n. Bí ènìyàn bá ti dúró, tó rìn, tó jókòó látàárọ̀, eegun ẹ̀yìn á ti fún díẹ̀. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ó lè kúrú ní bíi sẹ̀ǹtímítà kan. Ọmọ tí ẹ wọ̀n láàárọ̀ lọ́dún yìí, tí ẹ sì wọ̀n nírọ̀lẹ́ lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ ti jí nǹkan nínú gíga rẹ̀ nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kejì: fífò síwájú

Ẹ fi sẹ́lótéèpù fa ìlà kan sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, tí kì í yọ̀. Koríko kúkúrú tàbí iyanrìn tó dì dáa. Símẹ́ńtì máa ń dun orúnkún. Ẹ na téèpù láti etí iwájú ìlà náà lọ, kí ó le dáadáa. Ọmọ yóò fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn ìlà, yóò tẹ orúnkún, yóò ju ọwọ́ sẹ́yìn, yóò sì fò lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú ẹsẹ̀ méjèèjì. Kò gbọdọ̀ gbé ẹsẹ̀ kan ṣáájú, kò gbọdọ̀ fi fífò kékeré gba ipá.

Ibi tí ẹ ó ti wọ̀n ni gìgísẹ̀ tó sún mọ́ ìlà jù. Ibẹ̀ ni àṣìṣe pọ̀ sí, torí ojú máa ń lọ sí ọmọ ìka ẹsẹ̀. Bí ọmọ bá ṣubú sẹ́yìn tí ó fi ọwọ́ tilẹ̀, ẹ má ka èyí, kí ó tún un fò. Ẹ jẹ́ kí ó fò ní ẹ̀ẹ̀mẹta, kí ẹ kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀, kí ẹ wá fa igi sábẹ́ èyí tó gùn jù. Ìdí tí ẹ fi ń kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni pé bí ẹnì kan bá fò 1.41, 1.44 àti 1.73, ẹ ti mọ̀ pé ẹni tó ka téèpù ló ṣìnà.

Ìgbésẹ̀ kẹta: eré mítà 30

Ẹ fi téèpù wọn mítà 30 lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí ẹ gbé ike méjì síbi ìbẹ̀rẹ̀, méjì síbi ìparí. Lẹ́yìn ibi ìparí, ó kéré tán mítà 15 gbọdọ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu, torí ọmọ tó ń sáré kò lè dúró lójú ẹsẹ̀. Ibi tí ògiri tàbí gọ́tà bá wà níwájú, ẹ má sá a níbẹ̀.

Ẹni tó mú aago dúró sí ìparí. Ẹni tó ń dá eré sílẹ̀ wà ní ìbẹ̀rẹ̀, ó gbé aṣọ pupa sókè, ó ní “Ẹ múra”, ó wá já aṣọ náà wálẹ̀ bó ṣe ń fọn fèrè. Àwọn ọmọ lè tẹ̀lé fèrè. Ẹni tó mú aago gbọdọ̀ tẹ̀lé aṣọ. Ohùn máa ń rin bíi mítà 340 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kí fèrè tó rìn dé mítà 30, ó ti jẹ ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá, ó ku díẹ̀. Ẹni tó gbọ́ fèrè kó tó tẹ aago ti bu ìyẹn fún ọmọ ní ọ̀fẹ́, bí ẹni mìíràn bá sì tẹ̀lé aṣọ lọ́dún tó ń bọ̀, yóò dà bíi pé ọmọ náà ti lọ́ra. Ẹ dá aago dúró nígbà tí àyà ọmọ bá kọjá ìlà, kì í ṣe orí rẹ̀ tàbí ọwọ́ rẹ̀.

Aago lè sọ pé 5.42. Ìka ọwọ́ kò mọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣe bí àwọn onídàájọ́ eré sísá ṣe ń ṣe bí wọ́n bá fi ọwọ́ tẹ aago: ohunkóhun tó bá lé, ẹ gbé e lọ sí ìdá mẹ́wàá tó tẹ̀lé e. 5.42 di 5.5. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan sá a lẹ́ẹ̀mejì, kí ó sinmi tó ìṣẹ́jú márùn-ún láàárín, kí ẹ mú èyí tó yá jù.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ wá àlà iyèméjì

Ìgbésẹ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fò, òun náà ló sì máa jẹ́ kí pírínsípà gbọ́ràn sí yín lẹ́nu. Bí ọmọ kan náà bá fò lónìí, tó tún fò lọ́jọ́ mẹ́rin sí i, nọ́ńbà méjèèjì kì í bára mu, bẹ́ẹ̀ agbára rẹ̀ kò tíì yí padà. Ó lè jẹ́ oorun, ó lè jẹ́ bí ọwọ́ yín ṣe mú téèpù. Ẹ gbọ́dọ̀ mọ bí ìyàtọ̀ yẹn ṣe máa ń tó, kí ẹ má bàa pe ariwo ní ìlọsíwájú.

Nínú àkókò PHE yín, èyí tó ti jẹ́ iṣẹ́ yín tẹ́lẹ̀, ẹ sọ fún igbákejì pírínsípà, kí ẹ mú ọmọ mẹ́wàá. Ẹ wọ̀n wọ́n, kí ẹ tún wọ̀n wọ́n láàárín ọ̀sẹ̀ kan náà, ní wákàtí kan náà, láìfi nọ́ńbà àkọ́kọ́ han ẹni tó ń ka téèpù. Ẹ yọ kékeré kúrò nínú ńlá fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ká ní ohun tó jáde fún fífò ni sẹ̀ǹtímítà 1, 1, 2, 2, 3, 4, 4, 5, 6 àti 11, bí a bá tò wọ́n láti kékeré sí ńlá. Ẹ fi 11 sílẹ̀, ó ṣeé ṣe kí nǹkan pàtó ti ṣẹlẹ̀ sí ọmọ yẹn. Ẹ mú èyí tó wà ní ipò kẹsàn-án, ìyẹn 6. Àlà yín nìyí: bí ọmọ bá fi sẹ̀ǹtímítà 6 tàbí èyí tó dín sí i ju ti èṣí lọ, ẹ kọ “kò yí padà”. Ó gbọdọ̀ ju 6 lọ kí ẹ tó sọ̀rọ̀.

Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún eré mítà 30 náà. Bí àlà yín bá jẹ́ 0.2, kò burú fún aago tí a ń fọwọ́ tẹ̀. Bí ó bá tó 0.4, ẹ má tíì kọ lẹ́tà. Ẹ tún ọ̀nà ìwọ̀n ṣe: bóyá fèrè ni wọ́n ń tẹ̀lé tẹ aago, bóyá ẹni méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló dá eré sílẹ̀.

Ìkìlọ̀ kí ọmọ kankan tó sáré

Ẹ wá àwọn tó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde, ẹ wá àwọn tó ní ikọ́ fée, ẹ wá ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń dà á láàmú. Ẹ má dúró lójú kíláàsì béèrè pé “Ta ni SS níbí?” Ìwé ìyọ̀ǹda tí ẹ bá fi ránṣẹ́ sí òbí ni kí ó béèrè, kí èsì rẹ̀ sì wá nínú àpòòwé tí a lẹ̀. Ọmọ tó ní fòníkú-fọ̀ladìde kò gbọdọ̀ sá eré àsápajúdé láìjẹ́ pé dókítà rẹ̀ gbà. Gíga nìkan ni kí ẹ wọ̀n fún un, kí ẹ sì fún un ní iṣẹ́ akọ̀wé níbi téèpù kí ó má bàa dá jókòó. Ọmọ tó ń lo ẹ̀rọ ìfàsímú fún ikọ́ fée gbọdọ̀ mú un wá sórí pápá, kì í ṣe kó fi í sínú báàgì ní kíláàsì.

Ẹni tó ṣàìsàn ibà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ẹ fún un ní ọjọ́ mìíràn. Bí ó bá tilẹ̀ lè sáré, nọ́ńbà rẹ̀ kò ní wúlò.

Ẹ fẹsẹ̀ rin ilẹ̀ kí àwọn ọmọ tó dé. Ìgò fífọ́, ihò èkúté àti kùkùté tó fara pamọ́ sínú koríko ló ń ṣe ọmọ léṣe, eré náà fúnra rẹ̀ kì í sábà ṣe é. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rìn, kí wọ́n sáré díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n fò lọ́wọ́ọ́rọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ tó wọn ẹnikẹ́ni. Kí ẹ parí kí oòrùn tó mú, ká sọ pé aago mẹ́wàá àárọ̀. Ẹni tó bá ní ojú ń yí òun, tí èébì ń gbé e, tàbí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já geere mọ́, ẹ gbé e lọ sábẹ́ ibòòji, ẹ fi omi tútù wẹ̀ ẹ́, kí ẹnì kan sì máa wá ọkọ̀ ilé ìwòsàn lọ́wọ́. Ẹ má sọ pé kó sinmi díẹ̀ ná kó padà wá.

Bàtà náà wà nínú ọ̀rọ̀ ààbò, ó sì wà nínú ọ̀rọ̀ ìwọ̀n. Ọmọ tó sá pẹ̀lú kánfáàsì lọ́dún yìí kò yẹ kó wá láìwọ bàtà lọ́dún tó ń bọ̀. Bí àwọn kan kò bá ní kánfáàsì, tí ilẹ̀ sì mọ́, kí gbogbo wọn bọ́ bàtà láti ọdún kìíní. Ẹ kọ ọ́ sórí ìwé pé “láìwọ bàtà”.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ kọ lẹ́tà

Ẹ má kọ ju ojú ìwé kan ààbọ̀ lọ. Pírínsípà ní lẹ́tà ìjọba, ìwé òbí àti ẹjọ́ ọmọ lórí tábìlì. Ohun tí ẹ ń tọrọ ni kí ó wà lókè pátápátá, kì í ṣe ìtàn eré ìdárayá. Ẹ lè kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì bí àṣà ilé-ìwé yín bá ṣe rí, ìtò rẹ̀ ni kí ẹ mú:

*Ọ̀gá wa,*

*Àbá lórí wíwọn ìdàgbàsókè agbára ara àwọn ọmọ JSS 1*

*Mo ń tọrọ àyè láti fi àkókò PHE oníwákàtí-ìkẹ́kọ̀ọ́ méjì, lẹ́ẹ̀mejì, wọn ọmọ ogójì tó wà ní JSS 1A ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kọkànlá, láti aago mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án kọjá ogún ìṣẹ́jú. Kò ní gba àkókò iṣẹ́ mìíràn.*

*Ohun mẹ́ta ni a ó wọ̀n: gíga, fífò síwájú láti orí ìdúró, àti eré mítà 30. Ọjọ́ kìíní fún gíga àti fífò, ọjọ́ kejì fún eré. Àwọn ọmọ yìí kan náà ni a ó máa wọ̀n ní ọ̀sẹ̀ yìí kan náà lọ́dọọdún, títí wọn yóò fi jáde.*

*Mo ti dán ọ̀nà ìwọ̀n yìí wò lára ọmọ mẹ́wàá. Ìyàtọ̀ tí kò bá ju sẹ̀ǹtímítà 6 lọ fún fífò, tàbí 0.2 fún eré, a kò ní pè é ní ìlọsíwájú tàbí ìfàsẹ́yìn.*

*Ọmọ tí òbí rẹ̀ kò bá fọwọ́ sí ìwé kò ní kópa. Olùkọ́ méjì yóò wà lórí pápá, nọ́ọ̀sì ilé-ìwé yóò sì mọ̀ nípa ọjọ́ náà.*

*Ìwé àkọsílẹ̀ yóò wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ọ́fíìsì igbákejì yín. Èsì kì í lọ sórí pátákó ìkéde. Ẹ óò gba ojú ìwé kan lọ́wọ́ mi kí sáà kìíní tó parí.*

*Téèpù kan àti ìwé ńlá kan ni a ó rà. Iye tí wọ́n ń tà wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù méjì wà lẹ́yìn lẹ́tà yìí.*

Ẹ wo ìṣirò àkókò tó wà lábẹ́ lẹ́tà yẹn, torí wọ́n lè bi yín. Ọmọ kan máa ń gba bíi ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ kó tó fò ní ẹ̀ẹ̀mẹta kí a sì wọ̀n ọ́n. Ọmọ ogójì yóò gba wákàtí kan. Bí ìlà bá jẹ́ méjì, ó di ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Gíga gba ogún ìṣẹ́jú, mímú ara gbóná gba mẹ́wàá. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ọgọ́ta ìṣẹ́jú nínú ọgọ́rin tí ẹ ní. Ogún tó kù ni ẹ ó fi kó wọn jáde kúrò ní kíláàsì àti padà, ẹ̀yin náà mọ bí ìyẹn ṣe ń rí.

Mo mú oṣù Kọkànlá nítorí pé òjò ti ń dáwọ́ dúró nílẹ̀ Yorùbá nígbà náà, ọyẹ́ kò sì tíì dé láti gbá eruku sí àwọn tó ní ikọ́ fée nímú. Ìdánwò sáà náà kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ìbéèrè tí ẹ óò gbọ́

“Tíṣà, bí ọmọ bá dákú, ta ni yóò dáhùn?” Ẹ má sọ pé Ọlọ́run kò ní jẹ́. Ẹ mú ìwé ìyọ̀ǹda jáde, ẹ sọ orúkọ olùkọ́ kejì, ẹ sọ ilé ìwòsàn tó sún mọ́ jù àti ẹni tó ní ọkọ̀ lọ́jọ́ náà.

“Bí wọ́n bá gbé yín lọ sí ilé-ìwé mìíràn ńkọ́?” Ìbéèrè yìí tọ́, torí ìjọba kì í dúró de ọdún mẹ́fà kó tó gbé tíṣà. Ohun tí ó ń pa irú iṣẹ́ yìí nìyẹn: ìwé wà nílé tíṣà, tíṣà lọ, ìwé bá a lọ. Ẹ fi ojú ìwé àkọ́kọ́ hàn án, níbi tí ẹ ti kọ ibi tí pápá ti bẹ̀rẹ̀ gan-an (ká ní igi máńgòrò sí igun ilé ìdáná), ìlànà ìwọ̀n, irú aago, bàtà tàbí láìwọ bàtà, àti àlà iyèméjì. Ẹni tí kò tíì pàdé yín rí gbọ́dọ̀ lè ka ojú ìwé yẹn kó sì wọ̀n wọ́n bí ẹ ṣe wọ̀n wọ́n.

“Ṣé kò ní di wàhálà òbí?” Ẹ sọ fún un pé òfin ìdáàbòbò àlàyé ara ẹni tí Nàìjíríà ṣe ní 2023 fẹ́ kí òbí fọwọ́ sí i kí a tó kó irú nǹkan báyìí jọ nípa ọmọdé, àti pé ohun tí ẹ ń ṣe nìyẹn. Òbí tó bá fẹ́ rí ti ọmọ rẹ̀ yóò rí i. Ti ọmọ ẹlòmíràn, rárá.

Ó tún lè béèrè ibi tí ẹ ti rí ọjọ́ orí wọn. Inú rẹ́jísítà ìgbaniwọlé ni kí ẹ ti mú ọjọ́ ìbí, pẹ̀lú oṣù àti ọdún. Ẹ má gba ti ẹnu. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí nínú eré ìdárayá wa kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ní 2009 tí Nàìjíríà gbàlejò ìdíje bọ́ọ̀lù àgbáyé àwọn tí kò ju ọdún mẹ́tàdínlógún lọ, ẹ̀rọ MRI ni FIFA fi wo egungun ọrùn ọwọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù kí wọ́n tó gbà pé wọ́n kéré tó.

Bí a ṣe ń ka ìwé náà lẹ́yìn ọdún mélòó kan

Ẹ jẹ́ ká mú ọmọkùnrin kan tí kò sí níbìkan, ká pè é ní Délé, ká sì lo àlà tí a rí lókè.

Ní JSS 1, gíga rẹ̀ jẹ́ 141, ó fò 1.48, ó sá 5.9. Ní JSS 2, ó ga tó 146, ó fò 1.57, ó sá 5.7. Fífò rẹ̀ fi 9 lé sí i, ó kọjá àlà, ẹ lè kọ “ó lọ síwájú”. Eré rẹ̀ fi 0.2 yá sí i, kò kọjá àlà, ẹ kọ “kò yí padà”, bó tilẹ̀ wù yín láti yìn ín.

Ní JSS 3, ó fò 1.59, ó tún sá 5.7. Kò sí nǹkan kan. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ yóò yọ ọ́ kúrò nínú àwọn tó ń sáré fún háùsì ní ọdún yìí. Àmọ́ ẹ wo òpó gíga: 155. Ó fi sẹ̀ǹtímítà 9 ga láàárín ọdún kan. Ìdí tí a fi ń wọn gíga nìyí. Ọmọkùnrin sábà máa ń ga lójijì ní nǹkan bí ọdún mẹ́rìnlá, ọmọbìnrin ní nǹkan bí méjìlá, àwọn mìíràn á sì yá tàbí pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní àkókò yẹn egungun máa ń ṣáájú iṣan, ẹsẹ̀ àwọn kan á máa kọlura fún ìgbà díẹ̀. Ohun tó kan ni pé kí ẹ má ju ẹrù eré lé e lórí, kí ẹ sì béèrè bóyá orúnkún tàbí gìgísẹ̀ ń dùn ún. Ní SS 1, gíga rẹ̀ di 163, ó fò 1.84, ó sá 5.2.

Ti ọmọbìnrin yàtọ̀. Bí fífò rẹ̀ bá dúró lójú kan lẹ́yìn ọdún mẹ́tàlá tàbí mẹ́rìnlá, kò túmọ̀ sí pé ó ti ya ọ̀lẹ. Ara ló ń yí padà, ọ̀pọ̀ wọn ni ó sì máa ń rí bẹ́ẹ̀ fún. Ẹ má fi ìlà ọmọkùnrin ṣe ìdájọ́ rẹ̀.

Bí nọ́ńbà bá wálẹ̀ kọjá àlà, ẹ má kọ ohunkóhun síwájú òbí. Ẹ tún ọmọ náà wọ̀n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Bí ó bá ṣì wà nísàlẹ̀, ẹ pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ bi í bóyá ó jẹun láàárọ̀, bóyá ó ṣàìsàn, bóyá nǹkan kan ń dùn ún. Bí ó bá sì jẹ́ pé ìdajì kíláàsì ló wálẹ̀ lọ́dún kan náà, ẹ fi àwọn ọmọ sílẹ̀, ẹ lọ wo pápá àti téèpù. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti da iyanrìn tuntun síbẹ̀, tàbí kí orí téèpù ti gé kí ẹnì kan sì ti so ó padà.

Àwọn àṣìṣe mìíràn kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ má pààrọ̀ mítà 30 sí 40 lọ́dún kẹta nítorí pé ẹ rí i pé ó dáa jù. Ọdún méjì àkọ́kọ́ yóò di asán. Ẹ má pa nọ́ńbà tó ṣe àjèjì rẹ́, ẹ fa ìlà kan gba àárín rẹ̀ kí ẹ kọ ìdí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ má fi ìwé yìí yan àwọn tí yóò sáré fún háùsì, torí ọjọ́ tí àwọn ọmọ bá mọ̀ pé òun ni wọ́n fi ń yan ènìyàn, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹsẹ̀ ṣáájú ìlà.

Bí pírínsípà bá kọ̀

Ẹ béèrè èyí tó ń kọ ọ́ lóminú gan-an. Bí ó bá jẹ́ owó, ẹ yá téèpù lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ́lé, kí ẹ lo rẹ́jísítà àtijọ́ tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì ṣófo. Bí ó bá jẹ́ ewu, ẹ yọ eré mítà 30 kúrò, ẹ tọrọ gíga àti fífò nìkan fún kíláàsì kan, ní àárọ̀ kan. Bí ó bá jẹ́ àkókò ìdánwò, ẹ sún ọjọ́ náà sí ọ̀sẹ̀ kejì sáà kejì, kí ẹ sì mọ̀ pé inú ọyẹ́ ni ẹ ó ti máa wọ̀n wọ́n lọ́dọọdún láti ìgbà náà. Kí ẹ gba ọjọ́ tuntun náà sílẹ̀ lórí lẹ́tà, kí ó fọwọ́ sí i, kí ẹ sì lẹ ẹ̀dà kan mọ́ ẹ̀yìn ìwé ńlá náà.